Ẹ yé nu ojú èèyàn nù nínú fọ́tò alẹ́

1/ Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ ṣá. Ọ̀pọ̀ fọ́tò alẹ́ tí ẹ̀ ń gbé síta, tí ẹ̀ ń kọ "ó mọ́ tónítóní" sábẹ́ ẹ̀, kò mọ́ rárá. Ẹ ti nu ojú èèyàn kúrò níbẹ̀ ni. Awọ ara ti di rọ́bà, irun ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ra, aṣọ òkè ti dà bí ọ̀rá. Èmi náà ti ṣe é rí, ohun tó sì jẹ́ kí n jáwọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jókòó, ó máa gùn díẹ̀.

2/ Lọ́dún tó kọjá, a ṣe ọjọ́ ìbí fún Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní àdúgbò wa ní Ọbáníkòró. Kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Gúlóòbù kan ṣoṣo tí jẹnẹrétọ̀ ń tàn ló kù lábẹ́ kánópì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sì pọ́n bí epo. Mo gbé kámẹ́rà tòkunbọ̀ mi, mo ṣí lẹ́ńsì dé f/1.8, mo fi ìyára sí 1/80, mo gbé ISO dé 6400. Màmá rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà lọ́dún yẹn, mi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi tó o.

3/ Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Màmá papò dà. Gbogbo ẹbí ní fọ́tò yẹn ni kí a fi ṣe bánà ìsìnkú. Mo ṣí i nínú Lightroom, mo sún un mọ́ra, mo rí hóró-hóró káàkiri ojú ẹ̀ bí ẹni wọ́n gaàrí lé e. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní oníṣẹ́ fọ́tò, ṣé irú èyí ni màá gbé síwájú àwọn àlejò? Mo fa Luminance lọ sí 80. Ojú Màmá ń dán bí abọ́ tánganran. Inú mi dùn. Mo gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú, bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà.

4/ Lọ́jọ́ ìsìnkú, àǹtí mi, àkọ́bí Màmá, dúró síwájú bánà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta nìyí? Ìyá mi kọ́ nìyí. Pélé ìyá mi dà?"

Mo wo bánà. Màmá ní pélé mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ọjọ́ orí sì ti jẹ́ kó ṣá díẹ̀. Kò sí ẹyọ kan lórí bánà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi nù ún. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

5/ Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé "gbogbo nóìsì ni kí a pa", inú mi kì í dùn. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ ń pè lórúkọ kan. Èkíní ni hóró: ibi kan mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó tẹ̀lé e ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò yí padà. Èkejì ni tótòtó aláwọ̀: àbàwọ́n pupa, búlúù, elésè àlùkò, tó fọ́n ká sára ògiri tàbí sábẹ́ àgbọ̀n níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ẹ sún fọ́tò yín mọ́ra dé 100%, kí ẹ wo ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ máa rí àwọn méjèèjì, ẹ ó sì rí i pé wọn ò jọra.

6/ Níbo ni hóró ti ń wá? Ẹ ronú pé ẹ to abọ́ sí ìta nígbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kàn kán díẹ̀, abọ́ kan á gba ẹ̀kán márùn-ún, èkejì á gba mẹ́sàn-án, ẹ̀kẹta á gba mẹ́ta. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, gbogbo abọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú kámẹ́rà nìyẹn, ẹ̀kán-ẹ̀kán. Tí ojú kan nínú kámẹ́rà bá gba ẹ̀kán 100, ìyàtọ̀ láàárín òun àti aládùúgbò ẹ̀ á tó 10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá gba 10,000, ìyàtọ̀ á jẹ́ 100, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló ń bí hóró. ISO kọ́.

7/ Mo fẹ́ kí ẹ tún ìyẹn gbọ́, torí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn burúkú ti pọ̀ jù. "Má kọjá ISO 800 lálẹ́ o, fọ́tò ẹ á bàjẹ́." Ó dáa. Ká ní mo gbọ́ràn lábẹ́ kánópì yẹn, tí mi ò yí lẹ́ńsì àti ìyára padà. Láti 800 dé 6400, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Fọ́tò Màmá á ṣókùnkùn bíi inú kànga, màá wá fi ọwọ́ gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́jọ nínú ápù. Iye ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà kò yí padà, hóró yẹn náà á ṣì jáde. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, á tún burú sí i, ìlà-ìlà á sì hàn nínú òkùnkùn. Tó bá wá jẹ́ JPEG lo fi yà á, o gbé. Ṣí lẹ́ńsì, dín ìyára kù débi tí èèyàn ò ní fi rú, kí o wá gbé ISO débi tí ojú bá ti hàn dáadáa. Má bẹ̀rù ẹ̀.

8/ Tótòtó aláwọ̀ ńkọ́? Ojú kámẹ́rà fúnra ẹ̀ kò mọ àwọ̀. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1976 fún ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kámẹ́rà àti fóònù wa ṣì ń lò: nínú ojú mẹ́rin, a fi àwọ̀ ewé bo méjì, pupa bo ọ̀kan, búlúù bo ọ̀kan. Ojú kọ̀ọ̀kan wá mọ àwọ̀ kan péré, á sì máa wo aládùúgbò láti fi méfò méjì tó kù. Tí aládùúgbò bá ti ṣìnà nítorí àìtó ìmọ́lẹ̀, àṣìṣe ẹ̀ á ran gbogbo ìtòsí. Ìdí nìyí tí àbàwọ́n àwọ̀ fi máa ń tóbi ju hóró lọ.

9/ Gúlóòbù wa tó pọ́n yẹn tún dá kún un. Búlúù kò pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Kí aṣọ funfun tó lè padà di funfun, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fa búlúù sókè ju àwọn yòókù lọ, bó sì ṣe ń fà á ló ń fa ìdọ̀tí inú ẹ̀ náà. Nínú fọ́tò Màmá, òjìji abẹ́ gèlè ẹ̀ kún fún àbàwọ́n búlúù àti elésè àlùkò. Tí ẹ bá ti ya fọ́tò ní ìdí iná màmá oníbọ̀ọ̀lì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

10/ Ibi tí inú mi ti dùn nìyí: tótòtó yẹn rọrùn láti pa, kò sì ní gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ojú èèyàn máa ń rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ fínnífínní, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ àwọ̀ nínú ohun wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ fáìlì JPEG tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ kì í tọ́jú àwọ̀ ju ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lọ, ẹ ò sì tíì figbe ta rí. Bí pélé ṣe jinlẹ̀, bí òwú ṣe kọjá lórí òwú nínú aṣọ òkè, inú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ lè nu àwọ̀ pọ̀ mọ́ra díẹ̀, kí ìlà yẹn má sì rò pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun.

11/ Nítorí náà, ọ̀pá Color ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kì í ṣe Luminance. Lightroom máa ń gbé e sí 25 fúnra ẹ̀ fún fáìlì RAW. Fún fọ́tò Màmá, mo fà á dé 35, gbogbo búlúù abẹ́ gèlè sì lọ. Ó ní ààlà tiẹ̀ náà o. Tí ẹ bá fà á jù, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá ibi tó yẹ: pupa ètè á yọ sí awọ ara, ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké á ṣá di eérú. Ẹ máa wo ètè àti ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Bí wọ́n bá ti ń ṣá, ẹ padà sẹ́yìn.

12/ Hóró ni ìjọ̀ngbọ̀n. Ápù tó ń pa hóró kò mọ Màmá. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kékeré kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ìtòsí ẹ̀. Hóró rí bẹ́ẹ̀. Òwú aṣọ náà rí bẹ́ẹ̀. Pélé tó ti ṣá lára awọ dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ gúlóòbù kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Tí ẹ bá ní kó pa gbogbo ohun tó yàtọ̀ díẹ̀, ohun tó rẹlẹ̀ jù lọ ló máa kọ́kọ́ pa. Eyín funfun àti ẹ̀gbẹ́ gèlè á ṣẹ́kù, torí ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Ẹ ó wá máa wò ó pé "ó ṣì mú ketekete", nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ṣófo.

13/ Ẹ lọ wo àwọn fọ́tò irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dún 1968, tó sì ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú lọ́dún 2014. Kì í ṣe fọ́tò alẹ́, aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n ẹ lè ka bí wọ́n ṣe pín irun, ẹ lè rí ibi tí òwú gbà yí i po. Gbogbo iyì iṣẹ́ yẹn wà nínú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fa Luminance 80 sórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, irun kíkó á di fìlà.

14/ Bí mo ṣe tún fọ́tò Màmá ṣe nìyí. Mo dúpẹ́ pé RAW ẹ̀ ṣì wà. Mo dá Luminance padà sí 0, mo sún fọ́tò dé 100% lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, pẹ̀lú hóró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀. Ní 10, hóró rọ̀ díẹ̀. Ní 18, ó fara balẹ̀, pélé ṣì wà. Ní 30, pélé tó wà nísàlẹ̀ ti ń di òjìji lásán. Mo padà sí 18. Mo gbé Detail tó wà lábẹ́ ẹ̀ láti 50 dé 65, torí pé bó bá ṣe ga tó ni ohun wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣẹ́kù tó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé hóró díẹ̀ á bá a dúró. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ha nọ́ńbà mi sórí o. 18 jẹ́ ti fọ́tò yẹn. Ohun tí ẹ máa mú lọ ni ọ̀nà ẹ̀: ẹ mú ibi tó rẹlẹ̀ jù tí ẹ ò fẹ́ pàdánù, ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ fà títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kí ẹ sì padà sẹ́yìn dáadáa.

15/ Ohun kejì ni Sharpening. Ọ̀pọ̀ yín máa ń pa hóró tán, ẹ ó rí i pé fọ́tò ti rọ̀ jù, ẹ ó wá fa Sharpening sókè kó lè "mú". Ìyẹn ò lè dá pélé padà. Hóró tó ṣẹ́kù ló máa pọ́n, ojú á wá dà bí ike tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ nù. Ẹ fi Amount sílẹ̀ ní 40 tó wà, kí ẹ wá fa Masking. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á (Option ni lórí Mac): ibi tó funfun ni yóò mú, ibi tó dúdú ni kò ní fọwọ́ kàn. Mo fà á dé 70, ó ku ojú, ẹnu, pélé àti ẹ̀gbẹ́ gèlè ní funfun. Ògiri àti òkùnkùn wọlé sùn.

16/ Ohun kẹta: kì í ṣe gbogbo fọ́tò ló gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kan náà. Ògiri tó wà lẹ́yìn Màmá kò ní pélé. Mo fi Masking tó wà fún apá kan fọ́tò mú ẹ̀yìn nìkan, mo fa Noise ibẹ̀ sókè, ó sì dákẹ́. Mi ò tún fọwọ́ kan ojú. Ẹni tó bá ní "ó ti mọ́ jù báyìí" ń wo ògiri. Ẹni tó bá mọ Màmá ń wo ojú. Àwọn méjèèjì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

17/ Ẹ̀yin tó ń fi fóònù yà, mi ò gbàgbé yín. Fọ́tò alẹ́ tí fóònù bá gbé jáde ní JPEG, ó ti nù ún kó tó dé ọwọ́ yín. Tí ẹ bá tún gbé e sínú ápù tó ń dán awọ, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ nù ún nìyẹn. Tí fóònù yín bá ní RAW, ẹ tàn án fún fọ́tò tó bá ṣe pàtàkì. Tí kò bá ní, ẹ wá ìmọ́lẹ̀: ẹ sún ẹni náà mọ́ gúlóòbù. Tí jíjìnnà ẹ̀ sí gúlóòbù bá dín kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó máa dé ojú ẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ọ̀pá kankan nínú ápù tó lè ṣe ìyẹn fún yín. Ohun tí ẹ bá sì ti nù kúrò nínú JPEG, ó ti lọ nìyẹn.

18/ Ẹnì kan kọ sí mi pé, "Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kórìíra hóró." Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń rí i? Ìwọ lò ń wò ó ní 100% pẹ̀lú imú lára kọ̀ǹpútà. Fọ́tò mi fẹ̀ tó 4000 píksẹ́lì ní òòró. Tí mo bá gbé e sí Instagram ní 1080, nǹkan bíi píksẹ́lì mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ló para pọ̀ di ọ̀kan. Abọ́ mẹ́tàlá tí a da omi wọn pọ̀ nìyẹn. Hóró á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fúnra ẹ̀, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa ohunkóhun. Àbàwọ́n àwọ̀ kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀ torí ó tóbi. Ṣé ẹ ti wá rí i? Èyí tó máa lọ fúnra ẹ̀ lẹ̀ ń lù pa, èyí tó máa dúró lẹ fi sílẹ̀.

19/ Bánà náà ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin jẹ́ ínǹṣì 48. 4000 píksẹ́lì lórí ínǹṣì 48 jẹ́ nǹkan bíi 83 fún ínǹṣì kan. Ẹni tó bá dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i kò lè dá hóró kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ gan-an ni àǹtí mi ti rí i pé pélé ò sí. Ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn kan náà. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan míì?

20/ Mo tún fọ́tò yẹn tẹ̀ fún ìrántí ogójì ọjọ́, èyí kékeré, inú férémù. Mo gbé e fún àǹtí mi. Wọn ò sọ pé ó mọ́. Wọn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa hóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Màmá, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lórí díńgí, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá mi rèé."

Ẹ pa àwọ̀. Ẹ rọ hóró díẹ̀. Ẹ fi ojú èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ gbé fọ́tò ẹ̀ ní 100% wá.